Ìpín Tí Kì í Tà Dáadáa: Ìgbà Wo Ni Ṣáàtì Ń Tàn Wá Jẹ?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú ìjókòó. Púpọ̀ nínú wa ló ti ń ra ìpín ìdókòwò lórí fóònù báyìí, a sì ń wo ṣáàtì ká tó rà. Ọ̀rọ̀ tèmi lónìí dá lórí àwọn ìpín kéékèèké tí ẹni tó ń tà wọ́n àti ẹni tó ń rà wọ́n kò pọ̀.

Lọ́jà ìpín ìdókòwò wa, NGX, iye owó ìpín kan kò gbọdọ̀ gòkè tàbí kó wálẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́jọ́ kan, tí a bá fi iye tó parí sí lánàá ṣe ìwọ̀n. Èyí ni mo máa pè ní òté ojúmọ́. Òfin mìíràn tún wà: bí iye ìpín tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà kò bá tó òǹkà kan, iye owó tí wọ́n kéde kò ní yí padà rárá, bí ẹnì kan tilẹ̀ ti san owó tó yàtọ̀. Nítorí náà, ìlà gbọọrọ tí ẹ ń rí lórí ṣáàtì lè má jẹ́ àmì ìfọ̀kànbalẹ̀. Ó kàn lè jẹ́ pé ọjà ò tà tó ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpín kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé àwọn òǹkà rẹ̀ kalẹ̀. ₦4.00 ló dúró sí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Lójijì ó di ₦4.40, ó di ₦4.84, ₦5.32, ₦5.85, ó sì di ₦6.43 lọ́jọ́ karùn-ún. Lọ́jọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, nǹkan bí ìpín 150,000 péré ló ń yí ọwọ́ padà lóòjọ́, àmọ́ àwọn tó ń wá a rà tò lọ bẹẹrẹ, kò sì sí ẹni tó fẹ́ tà. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀pá orí ṣáàtì kì í ní ìrù: iye tó ṣí sí, iye tó ga jù, iye tó kéré jù àti iye tó parí sí, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Kí ni RSI, òǹkà láti 0 sí 100 tó ń fi ìgòkè owó ìpín wé ìwálẹ̀ rẹ̀, máa sọ? Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí ọjọ́ 14 yìí nìkan, kò sí ọjọ́ kan tó wálẹ̀, nítorí náà 100 ni yóò jẹ́. Ìtumọ̀ tí wọ́n máa ń fún un ni pé àwọn èèyàn ti rà á jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwọ̀nba èèyàn ló rí i rà! Òté ojúmọ́ ló sọ bó ṣe máa gùn lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó dùn mí jù rèé, torí owó àwọn èèyàn wa ni. Ẹnì kan ti fẹ́ ra 70,000 láti ọjọ́ kejì, kò rí ọ̀kan ṣoṣo gbà. Lọ́jọ́ karùn-ún, gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ kíá ní ₦6.43, ó sì dúpẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ìpín tó yí ọwọ́ padà ti di mílíọ̀nù méjì. Ẹ bi ara yín pé: ta ló tà á fún un? Ẹni tó ti ní ìpín náà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ló ti rí iye tó wù ú, tó sì ń jáde. Ní òkè òté, ìgbà tí ó rọrùn fún yín láti rà gan-an ni kí ẹ fura.

Ẹni tó ra 70,000 yìí ti sọ fún alágbàtà rẹ̀ pé kó bá òun tà á bó bá já sí ₦5.80. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tó rà á, ìpín náà ṣí ní ₦5.79, tí í ṣe ìsàlẹ̀ òté, àwọn tó kọ́kọ́ tò nìkan ló sì rí tà. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ₦5.22, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ₦4.70 ni àwọn olùrà tó dé. Àdánù tó rò pé kò ní ju ₦44,100 lọ di ₦121,100, láìka owó alágbàtà. Òté kò dáàbò bò ó. Ńṣe ló há a mọ́ inú ilé.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà béèrè pé, “Ọmọ mi, mo rí ọjọ́ tí mílíọ̀nù ogún ìpín tà. Ṣé ìyẹn náà ò tó ẹ̀rí?”

Mo ní, Mà, ẹ wo òǹkà ìdúnàádúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì ti jọ sọ ọ́ tán kí wọ́n tó gbé e wá. Bí ẹnì kan bá kó ọkọ̀ iṣu kan fún àna rẹ̀ ní Tákíè, iye tí wọ́n jọ fẹnu kò sí kọ́ ni iye iṣu lọ́jà. Ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ á sì ba àròpín oṣù kan jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí n kì í fi lo àròpín. Mo máa ń to iye ìpín tó tà ní ogún ọjọ́ láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó pọ̀ jù, màá ro méjì tó wà láàárín pọ̀, màá sì pín in sí méjì. Bí ti àárín bá jẹ́ 60,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, 6,000, ni mo gbà pé ẹnì kan lè tà lóòjọ́ láìti iye owó wálẹ̀. Ẹni tó ra 70,000 nílò ọjọ́ ọjà méjìlá kó tó jáde tán, ìyẹn bí òté kò bá tì í mọ́lé. Iye ọjọ́ yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kí n tó ṣí ṣáàtì. Bó bá ti kọjá ọjọ́ márùn-ún, mo máa ń dín iye tí mo fẹ́ rà kù títí yóò fi wọ inú ọjọ́ márùn-ún.