Ibi tí owó àwọlé oṣooṣù yóò ti dúró: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ètò ìṣòwò sọ́fítíwià

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá gba ètò ìṣòwò àwọn tó ń ta sọ́fítíwià olówó oṣooṣù lọ́wọ́ wọn, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni ìlà kan tó ń gòkè lọ láìwẹ̀yìn. Oníbàárà tuntun ń wọlé lóṣooṣù, àwọn ti tẹ́lẹ̀ náà ń san tiwọn, nígbà tí ọdún kẹta bá fi máa pé, owó ti di rẹpẹtẹ. Lórí bébà ni o. Ìlà yẹn ní ibi tó ti máa dúró, a sì lè ṣírò ibẹ̀ kí a tó náwó kankan lórí ìpolówó.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká má sì fi í sílẹ̀ títí a ó fi tú u palẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ń ta sọ́fítíwià tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ ìwé owó fún àwọn tó jẹ wọ́n. Dọ́là 20 ni lóṣù. Oníbàárà 400 ló ń sanwó báyìí, nítorí náà owó àwọlé oṣooṣù wọn jẹ́ dọ́là 8,000.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń kó sínú 8,000 yẹn. Ẹni tó ṣì ń tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ kò sí níbẹ̀. Owó tí ẹnì kan san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n lè bá a to nǹkan sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá san ti ọdún kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdá kan nínú 12 owó náà la máa kà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ètò tí wọ́n da gbogbo owó ọdún sínú oṣù tí wọ́n gbà á, inú olówó wọn dùn ní oṣù yẹn, ojú rẹ̀ sì korò ní oṣù kejì.

Ó dáa. Lóṣooṣù, oníbàárà tuntun 60 ń wọlé. Lóṣooṣù bákan náà, ìdá 5 nínú 100 àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí oṣù bẹ̀rẹ̀ ń fi wọ́n sílẹ̀. Ìdá 5 yìí kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é ní ìgbà 12: nínú 100 èèyàn tó wà lónìí, 54 péré ló máa kù lẹ́yìn ọdún kan.

Nínú Excel, ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣirò yìí. Bí iye oníbàárà tó wà nílẹ̀ bá wà ní B2, tí ìdá àwọn tó ń lọ wà ní B10, tí iye àwọn tuntun sì wà ní B11, ohun tí ẹ máa kọ sí C2, tí ẹ ó sì fà lọ sápá ọ̀tún, nìyí:

```
=B2*(1-$B$10)+$B$11
```

Oṣù kìíní: 20 lọ, 60 wọlé, ó di 440. Oṣù kejì: 22 lọ, 60 wọlé, ó di 478. Ẹ ti rí i pé àlékún ti ń dínkù: 40 ni lákọ̀ọ́kọ́, ó di 38. Ìdí rẹ̀ ni pé 60 tó ń wọlé kò yí padà, àmọ́ bí oníbàárà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó ń lọ náà ń pọ̀ sí i. Ní ìparí ọdún kìíní, wọ́n máa ní nǹkan bíi 768. Ní ìparí ọdún kejì, 966. Ọdún kẹta, 1,074. Àlékún 368 ni ọdún kìíní mú wá, 198 ni ti ọdún kejì, 108 péré ni ti ọdún kẹta, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ kan náà ni àwọn tó ń wá oníbàárà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Níbo ló ti máa dúró? Níbi tí àwọn tó ń lọ bá ti bá àwọn tó ń wọlé dọ́gba. Ẹ fi 0.05 pín 60, 1,200 ni. Oníbàárà 1,200 ní dọ́là 20, ìyẹn dọ́là 24,000 lóṣù, ni òkè àjà ilé-iṣẹ́ yìí. Bí ètò ẹnì kan bá wá sọ pé owó àwọlé òun máa jẹ́ 40,000 ní ọdún kẹrin pẹ̀lú 60 tuntun àti ìdá 5, kò sí ohun tí a máa bá a jiyàn lé lórí. Nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an ló ta kò ó.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà gbé òkè àjà yẹn sókè dé 1,500. A lè máa mú 75 wọlé lóṣù dípò 60. A sì lè mú ìdá àwọn tó ń lọ wálẹ̀ láti 5 sí 4. Ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Èwo ló wọ́n jù? Láti dáhùn ìyẹn, a gbọ́dọ̀ mọ iye tí oníbàárà kan ń ná wa kí ó tó wá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń tan ara wọn jẹ. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ máa sọ pé dọ́là 6,000 ni òun ń ná lórí ìpolówó, 60 ló ń wá, nítorí náà 100 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Rárá o. Ẹni tó ń pe àwọn èèyàn lórí fóònù láti tajà fún wọn ń gba 3,600 lóṣù. Ìtọ́jú àwọn tó ń tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn kò ní san kọ́bọ̀, ń jẹ 1,200. Àpapọ̀ jẹ́ 10,800. Bí a bá fi 60 pín in, 180 ni oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń ná wa. Tí a bá wá fẹ́ 15 sí i lóṣooṣù, dọ́là 2,700 ló máa bá a lọ lóṣooṣù, bí ẹni karùn-ún lé ní àádọ́rin kò bá ní wọ́n ju ẹni àkọ́kọ́ lọ. Ó sì máa ń wọ́n jù ú lọ, torí àwọn tó ń wá irú ọjà yẹn lójú méjèèjì ti kọ́kọ́ wá.

Ní ti dọ́là 20 tí oníbàárà ń san, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dé àpò wa. Owó sáfà, owó tí báǹkì ń yọ lórí káàdì, àti owó àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn máa jẹ 4 níbẹ̀. Ó ku 16. Àwọn èèyàn máa ń fi 16 pín 180, wọ́n á ní oṣù 12 la máa fi rí owó wa gbà padà.

Ìṣirò yẹn gbà pé gbogbo ẹni 60 tó wọlé máa wà níbẹ̀ fún oṣù 12. Wọn ò ní sí níbẹ̀. Ẹ ti rí i lẹ́ẹ̀kan pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó máa ti lọ. Nítorí náà, ẹ ka owó tí àwọn tó ṣẹ́ kù ń san nìkan: oṣù kìíní, 60 san, oṣù kejì, 57, oṣù kẹta, 54, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa kà á lọ, kí ẹ máa sọ 16 di púpọ̀ pẹ̀lú wọn. Oṣù 17 ni àpapọ̀ rẹ̀ tó kọjá 10,800. Oṣù márùn-ún tó wà láàárín 12 àti 17 ni owó ti ń tán lọ́wọ́ àwọn tó rò pé èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Arábìnrin kan nawọ́ níbí, ó béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kàn ń lo ìdá 5 yìí bí ẹni pé bákan náà ni gbogbo oníbàárà ń ṣe. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?”

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìbéèrè yẹn sì ni mo ń retí. Ẹni tuntun ló máa ń tètè lọ. Ẹ jẹ́ ká tú 400 wa sí méjì: 340 ti pẹ́, 60 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóṣù tó kọjá. Nínú àwọn 340, nǹkan bíi 10 ló lọ, ìyẹn ìdá 3. Nínú àwọn 60, 10 ló lọ, ìyẹn ìdá 17. Àpapọ̀ 20 nínú 400 ló fún wa ní ìdá 5, síbẹ̀ kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú méjèèjì tó ń lọ ní ìdá 5. Tí ilé-iṣẹ́ yìí bá wá ti ìpolówó sókè lójijì, tí 120 wọlé dípò 60, 20 máa lọ nínú wọn, 10 máa lọ nínú àwọn àgbà, 30 nínú 460 sì di ìdá 6.5. Ọjà kò bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ wọ́n. Àwọn tuntun ló pọ̀ sí i láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ètò tó gbójú lé ìdá 5 ti wó lulẹ̀. Ó tún lè ṣe òdì-kejì rẹ̀: tí 60 bá dúró lójú kan, àwọn àgbà á máa pọ̀ sí i, ìdá náà á máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀, òkè àjà á sì ga ju 1,200 lọ. Ìlà méjì ni kí ẹ fi kọ ọ́ sínú ètò yín, ọ̀kan fún oṣù àkọ́kọ́, ọ̀kan fún àwọn tó ti kọjá rẹ̀.

Ẹ tún wo ìdí tí wọ́n fi lọ. Àwọn kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti lọ: káàdì wọn ló kásẹ̀ nílẹ̀, báǹkì kọ owó náà, sọ́fítíwià sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn wọ̀nyí ló rọrùn jù láti dá padà, torí kí a tún gbìyànjú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kí a sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn kí káàdì tó kú, kò náni tó 2,700. Àwọn tó san owó ọdún kan pọ̀ sì ní tiwọn lọ́tọ̀: wọn ò lè lọ kí ọdún tó pé, nítorí náà bí wọ́n bá pọ̀ nínú yín, ìdá tí ẹ ń rí lóṣooṣù ń pa irọ́ dídùn fún yín títí di oṣù kẹtàlá.

Ohun tó kù ni owó tó gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Wíwá oníbàárà ń jẹ 10,800 lóṣù. Kí 16, 16 tó lè gbé e, a nílò oníbàárà 675. Ní ìdá 5, oṣù kẹsàn-án la máa tó kọjá 675. Tí a bá kó gbogbo ohun tó dín láti oṣù kìíní sí ìkẹjọ jọ, nǹkan bíi dọ́là 14,700 ni, a ò sì tíì dárúkọ owó oṣù àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià náà. Ẹ wá yí ìdá 5 sí 7, kí ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Òkè àjà já wálẹ̀ sí 857, oṣù kẹtàlá ló tó kọjá 675, àìtó náà sì di nǹkan bíi 21,500. Ẹni tí kò tíì tajà, tí kò mọ èwo nínú ìdá méjèèjì ló máa bá pàdé, 21,500 ni kó lọ wá.