Nígbà tí Màmá fẹ́ gbé ilé búrẹ́dì lé àbúrò mi lọ́wọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi nílé lóko. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ilé wa ló sì wà lọ́kàn mi lónìí. Màmá mi ń ṣe búrẹ́dì tà n'Íbàdàn. Wọ́n ti pe àwa ọmọ lórí fóònù, wọ́n ní àbúrò mi obìnrin, tó ti ń bá wọn ṣe é láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé, ni àwọn fẹ́ kó gba iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti èmi, òkè òkun la wà, kò sì sí ẹni tí yóò dìde láàárín òru lọ wo ààrò nínú àwa méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Iṣẹ́ lọ́tọ̀, àṣẹ lọ́tọ̀, ẹni tó ni ín lọ́tọ̀. Àbúrò mi ti gba iṣẹ́ tipẹ́. Méjì yòókù ṣì wà lọ́wọ́ Màmá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹni tó ni ín. Orúkọ òwò lásán ni Màmá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ òwò, wọn kò dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Lójú òfin Nàìjíríà, orúkọ òwò kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ná òwò náà. Ààrò, ẹ̀rọ tó ń po fúláwà, ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì, owó tó wà ní báńkì, Màmá ló ni gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ni aṣọ ọrùn wọn. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, kí Ọlọ́run bá wa dá wọn sí, báńkì yóò ti àkáǹtì náà pa títí a ó fi gba ìwé àṣẹ ní ilé ẹjọ́ gíga láti máa ṣàkóso ohun ìní wọn. Ìyẹn lè gba oṣù mélòó kan. Ilé búrẹ́dì wo ló lè wà lọ́sẹ̀ kan láìra fúláwà? Tí kò bá sì sí ìwé ìhágún, ní àṣà Yorùbá, ohun ìní gbogbo wa ló dà, ọgbọọgba la ó sì pín in. Èmi tí mo ń kí i láti Lọ́ńdọ̀nù yóò gba iye tí ẹni tó jókòó ti ààrò ń gbà. Ní ti bàbá tó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ìdí igi ni wọn yóò fi pín in, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tó dé iwájú ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù níbí lọ́dún 1962, orí irú ìpín bẹ́ẹ̀ ló dá lé.

Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé kí Màmá sọ òwò náà di kọ́ńpìnnì. Láti ìgbà tí òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ti jáde, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀, nítorí náà wọn kò nílò láti wá orúkọ ẹlòmíràn kún un. Kọ́ńpìnnì ni yóò wá ni ààrò àti ọkọ̀, yóò sì ní àkáǹtì tirẹ̀ tí kò ní kú bí ẹnì kan bá kú. Lẹ́yìn náà ni Màmá yóò fún àbúrò mi ní ìpín 60 nínú 100, kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí. Mo fara mọ́ iye yẹn gan-an. Ẹni tó bá ní ju ìdajì lọ lè dá ọ̀pọ̀ nǹkan pinnu, ṣùgbọ́n àwọn ìpinnu tó wúwo jù, irú bíi yíyí ìwé òfin kọ́ńpìnnì padà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò ni òfin ń béèrè. Àbúrò mi yóò lè ṣòwò láìbẹ ẹnikẹ́ni, kò sì ní lè tún òfin ilé kọ láìjẹ́ pé Màmá fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n bá ṣì wà. Ìpín 40 tó kù, inú ìwé ìhágún ni yóò wà, àbúrò mi náà ni yóò jogún rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá béèrè pé, kí ló kù fún àwa? Kì í ṣe ojúkòkòrò, ìbéèrè tó yẹ kí òbí gbọ́ lójú ayé rẹ̀ ni. Ìdáhùn wà nínú ilẹ̀. Màmá ló ni ilẹ̀ tí ilé búrẹ́dì dúró lé, a kò ní fi í sínú kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì yóò máa san owó ilé fún wọn lóṣooṣù, ìyẹn ni wọn yóò máa jẹ lọ́jọ́ ogbó láìtọrọ lọ́wọ́ ọmọ. Lẹ́yìn wọn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni yóò ni ilẹ̀ náà. Àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí yóò fọwọ́ sí ìwé ìhágún kò gbọ́dọ̀ sí lára àwọn tó ń jogún, torí ẹni tó bá jẹ́rìí sí i lè pàdánù ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un.

Àṣẹ ni kò ṣe é fi lọ́yà parí. Màmá ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ àwọn tó ń gbé búrẹ́dì láwìn sí. Ẹ kò ní rí orúkọ ẹnì kan dáadáa níbẹ̀. “Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó.” “Alhaja ẹlẹ́nu wúrà.” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan, ẹ ó rí àmì bí àgbélébùú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mìíràn, òdo kékeré kan. Màmá nìkan ló mọ̀ pé ẹni tó ní òdo máa ń san lẹ́yìn ọjọ́ ọjà, pé ẹni tó ní àgbélébùú, owó lọ́wọ́ ni kó mú wá. Alágbàtà fúláwà náà, ẹnu Màmá ló ń gbà gbọ́, kò sí ìwé láàárín wọn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: àkísà yìí gan-an ló yẹ kí àbúrò mi gbà kó tó gba ìpín. Ní alaalẹ́ Sátidé báyìí, àwọn méjèèjì ń ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àbúrò mi ń kọ ọ́ sínú tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gidi àti nọ́ńbà fóònù. Ó ti bá Màmá lọ sọ́dọ̀ alágbàtà. Ìgbà tó kàn, òun nìkan ni yóò lọ, yóò sì gba àpò díẹ̀ láwìn, kó san án ní déédéé ọjọ́, kí ọkùnrin náà lè mọ ọwọ́ tirẹ̀.

Ibi tí ó ti kọ́kọ́ bàjẹ́ rèé. Àbúrò mi dá oníbàárà kan dúró pé kò ní gbé búrẹ́dì mọ́ àfi tó bá san gbèsè. Obìnrin náà gba ilé lọ bá Màmá, Màmá sì tẹ òṣìṣẹ́ láago pé kí wọ́n fún un. Láti ọjọ́ náà, bí àbúrò mi bá sọ̀rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á kọ́kọ́ pe Màmá. Ohun tí ẹ fi ń mọ̀ pé àṣẹ kò tíì kọjá nìyẹn, bó ti wù kí ìwé CAC dára tó. Màmá gbà pé láti ìsinsìnyí, ẹni tó bá wá ẹjọ́ sílé, “Ẹ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù” ni ìdáhùn, tí wọ́n bá ní èrò mìíràn, wọn yóò sọ ọ́ fún ọmọ wọn nílé, kì í ṣe níwájú òṣìṣẹ́. Ní báńkì, àbúrò mi nìkan lè fọwọ́ sí owó tí kò ju ti fúláwà ọ̀sẹ̀ kan lọ. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, àwọn méjèèjì ni.

Ohun kan ṣoṣo la kò tíì parí. Iye ọdún tí ìwé àdéhùn tí kọ́ńpìnnì yóò fi máa lo ilẹ̀ Màmá yóò jẹ́. Àbúrò mi ń fẹ́ ogún ọdún, ẹ̀gbọ́n mi ní mẹ́wàá tó. Ogún ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sẹ́ni tí yóò ra ààrò tuntun bí onílẹ̀ bá lè lé e jáde kí ó tó rí owó rẹ̀ gbà padà. Mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé a ó máa tún owó ilé wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, kí ogún ọdún má bàa rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jẹ. A ó tún pe ara wa lọ́jọ́ Àìkú, lọ́yà ń dúró de èsì wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá nílé yín, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó dàbọ̀ o.