Ọjọ́ Inú Àwòrán Ni Ká Fi Sọ Ọ́ Lórúkọ

Àwọn tó wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe lórí bí a ṣe ń sọ fáìlì àwòrán lórúkọ ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí àṣẹ tí mo tẹ̀ lójú wọn kò ṣeé há sórí. Mo fi í sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́, títí kan ibi tí ìbéèrè obìnrin kan ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú fódà tí gbogbo wa ní. Ẹ ṣí i, DSC_0412.JPG ló kí yín, DSC_0413.JPG tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yẹn kò sọ ọjọ́, kò sọ ibi, kò sọ ẹni tó wà nínú àwòrán. Tí kámẹ́rà bá sì kà á dé 9999, ó máa padà sí 0001. Kámẹ́rà méjì tí wọ́n jẹ́ irú kan náà á máa ka tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá da káàdì méjèèjì sínú fódà kan, DSC_0412 méjì á pàdé, kọ̀ǹpútà á bi yín bóyá kó fi èyí rọ́pò ìyẹn. Ẹni tó ti rẹ̀ á tẹ bẹ́ẹ̀ ni, àwòrán kan ti lọ nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá orúkọ bíi 2019-08-17_14-12-09. Ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ tẹ̀ lé oṣù, kí wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tó dé. Bí kọ̀ǹpútà bá ti tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí orúkọ wọn, bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ ló tò wọ́n yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọjọ́ ṣáájú ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró: 17-08-2019 á lọ tò sẹ́yìn 17-03-2022.

Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ gan-an rèé. Ọjọ́ méjì ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gbé kiri. Ọ̀kan wà lára fáìlì, òun ni kọ̀ǹpútà ń fi hàn yín nínú fódà. Èkejì wà nínú àwòrán fúnra rẹ̀, kámẹ́rà ló kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì. ExifTool ni irinṣẹ́ tó ń ka ọjọ́ méjèèjì. Ẹ tẹ àṣẹ yìí, ẹ ó rí wọn:

```
exiftool -time:all -G1 -a -s DSC_0412.JPG
```

Lára ohun tó jáde fún àwòrán tèmi nìyí:

```
[System]   FileModifyDate   : 2024:01:06 21:40:55+00:00
[ExifIFD]  DateTimeOriginal : 2019:08:17 14:12:09
```

Ọdún tó ju mẹ́rin lọ ló wà láàárín wọn. Lọ́dún 2024 ni mo ṣí àwòrán yẹn, mo yí i sí òró, mo sì tọ́jú rẹ̀ padà. FileModifyDate, ọjọ́ ara fáìlì, tẹ̀ lé ìyẹn; DateTimeOriginal, ọjọ́ inú àwòrán, kò mira. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Àìkú, tí a gbé kó lọ sílé mìíràn lọ́jọ́ Ẹtì, ta ló máa pe ọjọ́ Ẹtì ní ọjọ́ ìbí rẹ̀? Ohun tí àwọn tó ń fi ọjọ́ ara fáìlì sọ àwòrán lórúkọ ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n á ní ó bá tiwọn mu. Ó lè bá a mu lónìí, títí wọ́n á fi ṣàtúnṣe àwòrán kan tàbí tí wọ́n á gbà á sílẹ̀ láti ibòmíràn.

Bí irinṣẹ́ oníbọ́tìnnì lẹ fẹ́ràn jù, mi ò bá yín jà. Ẹ kàn dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà àwòrán àtijọ́ kan, ẹ ṣí i, ẹ gé e díẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ wá ní kí irinṣẹ́ náà sọ ọ́ lórúkọ. Bí orúkọ náà bá mú ọjọ́ òní wá, ọjọ́ ara fáìlì ló ń kà. Ẹ wá inú ètò rẹ̀ bóyá ó ní èyí tó ń ka ọjọ́ inú àwòrán. Bí kò bá ní, ẹ jù ú sílẹ̀.

Èmi ń lo ExifTool, tí Phil Harvey ń tọ́jú láti ọdún 2003, tí a kì í sanwó fún. Ẹnìkan lẹ́yìn ní òun lè fi `mv`, àṣẹ tó ń yí orúkọ fáìlì padà, ṣe é, ìlà márùn-ún péré. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwòrán méjì bá ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, `mv` á fi ìkejì bo ìkíní mọ́lẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan. ExifTool kì í bo fáìlì tó ti wà níbẹ̀. Á kọ̀, á sì sọ ìdí tó fi kọ̀. Fún iṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan àwòrán ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan, ìyàtọ̀ yẹn ti tó mi.

Ẹ má yí orúkọ kankan padà ná. Ẹ kọ́kọ́ ní kó fi hàn yín ohun tó fẹ́ ṣe:

```
exiftool -d "%Y-%m-%d_%H-%M-%S_%%f%%-c.%%e" "-TestName<DateTimeOriginal" . > akosile.txt
```

Àmì kan ni `%` fún ọjọ́, àmì méjì fún ohun tó kan fáìlì. `%%f` ni orúkọ àtijọ́, `%%e` ni ìparí orúkọ bíi JPG, `%%-c` sì máa ń fi -1 tàbí -2 kún un bí orúkọ bá fẹ́ forí gbárí. Àmì ìdánudúró kan tó dá dúró lẹ́yìn DateTimeOriginal túmọ̀ sí fódà tí ẹ wà. Inú `akosile.txt` lẹ ó ti rí i báyìí:

```
'./DSC_0412.JPG' --> './2019-08-17_14-12-09_DSC_0412.JPG'
```

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi orúkọ àtijọ́ kún un; wọ́n ní ó ń gùn jù. Mo rọ̀ yín, ẹ fi í síbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ya àwòrán méjìlá léraléra, bóyá mẹ́wàá wọn ló ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, nọ́ńbà àtijọ́ ló máa tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Bí ẹ bá sì kábàámọ̀ lọ́la, ọ̀nà àbọ̀ ti wà lára orúkọ. Ẹ ṣáà má ṣe ṣiṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì lórí fódà kan, torí ọjọ́ á wá di méjì lára orúkọ kan.

Àwòrán 640 ló wà nínú fódà tí mo fi hàn wọ́n, ti ìgbéyàwó kan, kámẹ́rà méjì ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ ni irinṣẹ́ náà kọ̀, tó ń sọ lójú fèrèsé pé `No writable tags set`. Mo ti mọ̀ kí n tó wò ó: IMG-20190817-WA0003.jpg ni orúkọ wọn rí. Láti WhatsApp ni àwọn àlejò ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi, ọjọ́ inú wọn sì ti bọ́ sọ́nà. Ọjọ́ tó wà lára orúkọ yẹn kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á, ọjọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá ni. Mo kó wọn sí fódà tiwọn. Mi ò ní fún wọn ní ọjọ́ tí mi ò mọ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ lọ sórí fídíò. Obìnrin kan dìde, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ká gba ọjọ́ inú àwòrán gbọ́. Bí aago kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bá ń parọ́ ńkọ́?"

Mo pa ohun tí mo ń sọ tì. Òótọ́ ló sọ, fódà tó wà lójú wa yẹn gan-an ló máa jẹ́rìí rẹ̀. Mo ṣí `akosile.txt`, mo wá ibi tí kámẹ́rà méjèèjì ti pàdé. Àwòrán tí wọ́n ti ń dágbére fún àlejò, láti kámẹ́rà kejì, wà láàárín àwọn tí wọ́n ṣì ń jẹun, láti kámẹ́rà àkọ́kọ́. Ọjọ́ inú àwòrán ni mo lò, síbẹ̀ ìtàn dojú rú. Aago kámẹ́rà kejì ló ti rẹ̀yìn.

Ẹ ní láti mọ iye tó fi rẹ̀yìn gan-an. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ fi kámẹ́rà ya aago ojú fóònù, èyí tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá hàn. Mo ti ṣe é lọ́jọ́ yẹn, orí ire ni. Nínú àwòrán náà, aago fóònù jẹ́ 15:16:31. DateTimeOriginal àwòrán kan náà jẹ́ 14:12:09. Wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá méjìlélógún ló wà láàárín wọn. Wákàtí kan yẹn jẹ́ ti ètò aago tí wọn ò tún ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀ jẹ́ ti aago tó ń falẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ kò bá ya aago, ẹ wá ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí kámẹ́rà méjèèjì jọ mú, bí ìgbà tí ọ̀bẹ kan àkàrà òyìnbó, kí ẹ fi ọjọ́ méjèèjì wé ara wọn. Ẹ ó sún mọ́ ọn, bóyá kí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ṣẹ́kù.

Àwòrán kámẹ́rà kejì nìkan ni mo kó sínú fódà `kamera2`, mo wá tẹ̀ ẹ́:

```
exiftool "-AllDates+=0:0:0 1:4:22" kamera2
```

`AllDates` ń ti ọjọ́ mẹ́ta inú àwòrán síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, DateTimeOriginal wà lára wọn. Ẹ̀dà àtijọ́ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bíi DSC_0412.JPG_original, torí náà ẹ wò ó pé àyè wà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ tẹ àṣẹ yìí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí méjì ó lé ni àwòrán máa fi sáré síwájú. Ohun tó ń dá a padà ni:

```
exiftool -restore_original kamera2
```

Kí ẹ tó yí orúkọ padà ni èyí ń ṣiṣẹ́, torí orúkọ ló fi ń mọ ẹ̀dà tó jẹ́ ti ta ni. Aago ṣáájú, orúkọ lẹ́yìn, ẹ má ṣe yí i po. Obìnrin náà tún bi mí pé bí àwòrán bá ní ọdún tí ẹnikẹ́ni kò tíì ra kámẹ́rà yẹn ńkọ́. Bátìrì tó kú tán ló sábà ń fà á: aago padà síbi tí ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní lọ́pọ̀ ìgbà. Ọgbọ́n kan náà la máa dá sí i, kìkì pé ìyàtọ̀ á ní ọdún àti oṣù nínú.

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Fídíò, ní kúkúrú: aago UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ló yẹ kó wà nínú fáìlì MP4 àti MOV, kì í ṣe aago ibi tí ẹ wà, nítorí náà CreateDate la máa ń lò, a sì máa ń fi `-api QuickTimeUTC` ṣáájú. Kámẹ́rà mìíràn kì í tẹ̀ lé òfin yẹn. Ẹ fi fídíò kan wé àwòrán tí ẹ yà lákòókò kan náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù. Bí ẹ bá ní ohun èlò tó ń tọ́jú àkójọ àwòrán yín, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti yí orúkọ padà. Bí ẹ bá ṣe é láti ìta, kò ní rí wọn mọ́.

Mo kó fódà méjèèjì pọ̀, mo tún àkọsílẹ̀ ṣe, mo kà á: àwọn tó ń dágbére ti wá sẹ́yìn àwọn tó ń jẹun. Mo fi `FileName` rọ́pò `TestName`, mo yọ `> akosile.txt` kúrò, mo tẹ̀ ẹ́. Lójú gbogbo wa ló kọ ọ́ síta: `611 image files updated`. Àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wà ní fódà tiwọn, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ mi.