Ìgbà wo gan-an làwọn oníbàárà yín wà lórí ayélujára?

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń ta àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta, tó ń gbé ọjà ẹ̀ sórí Instagram, àwọn tó ń tẹ̀lé e sì wà l'Ékòó, ní London àti ní Houston. Aago mélòó ni kó máa póòsìtì?

Tí àkáǹtì ẹ̀ bá jẹ́ ti oníṣòwò, ó máa rí "Most active times" nínú Insights. Ìyẹn á sọ ìgbà táwọn èèyàn ń ṣí Instagram fún un, kò lè sọ bóyá wọ́n á dúró wo aṣọ, ibẹ̀ la kàn ti máa mú aago méjì tá a fẹ́ dán wò. Ká ní aago kan ọ̀sán àti mẹ́sàn-án alẹ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Mọ́ńdè àti Wẹ́sìdé lọ́sàn-án, Túsìdé àti Tọ́sìdé lálẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì ẹ yí i padà, kí Mọ́ńdè bọ́ sí alẹ́, torí tẹ́ ò bá yí i, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọjọ́ ló gbé e àbí aago. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, póòsìtì 8 fún aago kọ̀ọ̀kan. Fótò ni kí gbogbo ẹ̀ jẹ́, ẹ má fi fídíò sí ọ̀kan kẹ́ ẹ wá fi fótò sí ìkejì, ẹ má sanwó ìpolówó, kẹ́ ẹ sì ka iye tó rí i lẹ́yìn wákàtí 24 géérégé.

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé o. Ká ní tọ̀sán mú 210, 220, 225, 230, 235, 240, 250, àti 1,900 torí gbajúmọ̀ kan ṣe ṣíà ẹ̀. Talẹ́ mú 300, 310, 320, 325, 335, 340, 350, 360. Tẹ́ ẹ bá ro ó pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí 8, ọ̀sán á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 439, alẹ́ 330, ẹ máa rò pé ọ̀sán ló dáa jù, bẹ́ẹ̀ póòsìtì kan ṣoṣo ló gbé e sókè. Ẹ tò ó láti kékeré dé ńlá, kẹ́ ẹ wo àárín ẹ̀, ìyẹn àárín nọ́ńbà kẹrin àti ìkarùn-ún: ọ̀sán ò ju nǹkan bíi 232 lọ, alẹ́ sì jẹ́ 330. Alẹ́ ló gbé e.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ aago, ẹ dì í mú, ẹ wá dán iye ìgbà wò, mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́fà lọ́sẹ̀ fún méjì míì. Iye tó ń rí póòsìtì kọ̀ọ̀kan lè dín kù, àpapọ̀ tọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, pẹ̀lú iye àwọn tó fi yín sílẹ̀. Tí àpapọ̀ ò bá fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè, mo fẹ́ràn mẹ́ta.

Ẹ má sì dán an wò ní March tàbí ìparí October sí ìbẹ̀rẹ̀ November o, torí London àti Houston máa ń yí aago wọn, àwa ò yí tiwa. Mẹ́sàn-án alẹ́ wa, mẹ́ta ọ̀sán ni ní Houston nígbà ooru wọn, tó bá di ìgbà òtútù ó ti di méjì.