Yàrá Kan, Orúkọ Méjì: Bí Táábìlì Háàṣì Ṣe Ń Tètè Rí Nǹkan

Ẹ kú ìjókòó o. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí ni bí kọ̀ǹpútà ṣe ń rí orúkọ kan láàárín mílíọ̀nù orúkọ láì wo àwọn yòókù, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí orúkọ méjì bá fẹ́ gba yàrá kan náà.

Ká ní mílíọ̀nù orúkọ wà nínú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò tò. Ẹni tó ń wá ọ̀kan nínú wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní, yóò máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì pín in dọ́gba, nǹkan bí 500,000 orúkọ ni yóò wò kí ó tó rí tirẹ̀. Bí a bá to ìwé náà ní a-b-d, iṣẹ́ fúyẹ́. A ó ṣí àárín, a ó mọ̀ bóyá iwájú ni orúkọ wà tàbí ẹ̀yìn, a ó gbé ìdajì kan sọ nù, a ó sì tún ṣí àárín ìyókù. Bí ìgbà 20 péré ni. Táábìlì háàṣì kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ara orúkọ náà fúnra rẹ̀ ló ti ń ṣírò nọ́ńbà yàrá tí orúkọ ń gbé, ibẹ̀ ló sì ń kọrí sí tààrà. Yàrá gbogbo ló tóbi bákan náà nínú mẹ́mọ́rì, nítorí náà láti dé yàrá 3 àti láti dé yàrá 900,000 kò yàtọ̀ síra: kọ̀ǹpútà á sọ nọ́ńbà yàrá di púpọ̀ nípa ìtóbi yàrá kan, á fi kún ibi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀, ó ti débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa ṣe é. Ìṣirò tí èdè kọ̀ǹpútà Java ń lò fún ọ̀rọ̀ ni mo mú, nítorí pé ó kúrú. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. A ó mú ohun tó wà lọ́wọ́, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 31, a ó fi nọ́ńbà lẹ́tà tó kàn kún un, títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, a ó fi iye yàrá pín in, ohun tó bá ṣẹ́kù ni nọ́ńbà yàrá. Yàrá 8 ni ilé tiwa ní, láti 0 dé 7.

```
h = 0
for c in s:
    h = 31*h + ord(c)
i = h % 8
```

Ẹ wo `Ede`. Nọ́ńbà `E` ni 69, ti `d` ni 100, ti `e` ni 101. Ìlọ́po 31 ti 69 jẹ́ 2,139, a fi 100 kún un, ó di 2,239. Ìlọ́po 31 ti ìyẹn jẹ́ 69,409, a fi 101 kún un, ó di 69,510. Bí a bá fi 8 pín in, 6 ló ṣẹ́kù. Yàrá 6 ni Ẹdẹ ń gbé.

Kí ni 31 ń ṣe níbẹ̀? Bí a bá kàn ń ro nọ́ńbà lẹ́tà pọ̀ ni, `Ode` yóò jẹ́ 280, `Edo` náà yóò sì jẹ́ 280, wọn ì bá máa bá ara wọn du yàrá ní gbogbo ìgbà, bó ti wù kí ilé tóbi tó. Ìlọ́po yìí ló jẹ́ kí ipò lẹ́tà ní ìtumọ̀: `Ode` di 79,120, `Edo` di 69,520.

Mo fi ìlú mẹ́rin wọlé báyìí, wọ́n sì rí ààyè láìsí wàhálà:

```
0 Ife   1 Eko   2 -   3 -
4 -     5 Oyo   6 Ede 7 -
```

Ìlú karùn-ún ni `Iwo`. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 73,953, ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ 1. Èkó sì ti wà ní yàrá 1. Ìforígbárí nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ìṣirò tí kò dára ló fa èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ìṣirò bá dára tó èyí tó dára jù lọ láyé, tí yàrá jẹ́ mílíọ̀nù kan, kí orúkọ 1,200 tó wọlé, ó ti ṣeé ṣe ju kí ó má ṣeé ṣe lọ pé méjì nínú wọn ti pàdé. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí ni: nínú yàrá ìkàwé tí ènìyàn 23 bá wà, ó ju ìdajì lọ pé ẹni méjì jọ ní ọjọ́ ìbí kan náà, bẹ́ẹ̀ 365 ni ọjọ́ inú ọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kọ́ táábìlì háàṣì gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tí yóò ṣe fún àlejò kejì kí àlejò náà tó kan ilẹ̀kùn. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí yàrá tọ́jú orúkọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Nọ́ńbà 1 nìkan kò lè sọ fún wa bóyá Èkó la bá tàbí Ìwó. A gbọ́dọ̀ fi orúkọ wé orúkọ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀nà méjì ló gbajúmọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni kí àwọn tó pàdé jọ máa gbé yàrá náà, kí a so wọ́n mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n: Èkó, lẹ́yìn rẹ̀ Ìwó. Hans Peter Luhn ló kọ èrò yìí sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ IBM ní oṣù January ọdún 1953. Ọ̀nà kejì kò gba orúkọ méjì láyè nínú yàrá kan: bí o bá bá ènìyàn nínú yàrá rẹ, tẹ̀ síwájú sí èyí tó kàn títí wàá fi rí òfìfo, bí o bá sì dé 7, padà sí 0. Gene Amdahl, Elaine McGraw àti Arthur Samuel lo èyí ní 1954 fún kọ̀ǹpútà IBM 701.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀nà kejì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Ìwó bá Èkó ní yàrá 1, ó bọ́ sí 2. Lẹ́yìn náà `Ila` dé, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6. Ẹdẹ ti wà níbẹ̀, Ìlá bọ́ sí 7. `Owo` ló dé gbẹ̀yìn. Nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 7, kò sì sí ìlú mìíràn nínú gbogbo àwọn méje tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 7. Síbẹ̀, Ìlá tó wá sá síbẹ̀ ló bá nínú yàrá rẹ̀. Ọ̀wọ̀ lọ sí 0, ó bá Ifẹ̀. Ó lọ sí 1, ó bá Èkó. Ó lọ sí 2, ó bá Ìwó tí òun náà ń sá kiri. Yàrá 3 ló wá rí. Yàrá márùn-ún ló kàn kí ó tó jókòó, yóò sì máa kan márùn-ún ní gbogbo ìgbà tí a bá wá a.

Ohun tó ń ba iyára jẹ́ nìyẹn: àwọn tó ti wọlé máa ń di ògiri kan, ẹni tó bá kọ lu ògiri náà níbikíbi á rìn dé òpin rẹ̀, á sì tún fi ara rẹ̀ kún gígùn rẹ̀. Donald Knuth ṣírò rẹ̀ ní 1962. Bí ìdajì ilé bá kún, ẹni tó ń wá orúkọ tí kò sí níbẹ̀ yóò wo yàrá 2.5 ní ìpíndọ́gba kí ó tó mọ̀ pé kò sí. Bí ilé bá kún dé ìdá 90 nínú 100, ó di 50.5.

Pípa orúkọ rẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Ká ní a pa Ìlá rẹ́, a sì fi yàrá 7 sílẹ̀ lófìfo. Bí a bá wá Ọ̀wọ̀ lẹ́yìn náà, a ó dé 7, a ó bá òfìfo, a ó sì sọ pé Ọ̀wọ̀ kò sí, nígbà tó jókòó jẹ́jẹ́ ní yàrá 3. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá orúkọ tó sọ nù, nítorí pé kò sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti kígbe pé nǹkan bàjẹ́. Ohun tó yẹ ni kí a fi àmì sílẹ̀ nínú yàrá náà pé ẹnìkan gbé ibẹ̀ rí: ẹni tó ń wá nǹkan yóò kọjá lọ, ẹni tó ń wá ààyè lè gbà á.

Ìwòsàn ilé tó kún ni kí a kọ́ ilé tó tóbi. Bí a bá sọ yàrá wa di 16, a gbọ́dọ̀ tún ìlú gbogbo pín, nítorí 16 la ó máa fi pín ìṣirò wọn báyìí. Ìwó bọ́ sí 1, Ọ̀yọ́ 5, Ẹdẹ 6, Ọ̀wọ̀ 7, Ifẹ̀ 8, Èkó 9, Ìlá 14. Kò sí ẹni tó tún pàdé ẹnìkan. Kíkó ẹrù yìí ń gba àkókò, ṣùgbọ́n nítorí pé ìlọ́po méjì là ń sọ ilé dà nígbà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́. `HashMap`, táábìlì háàṣì ti Java, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá 16, bí orúkọ bá sì ti ju 12 lọ, ó ti ń kó lọ sí 32. (Java tún máa ń po ìṣirò náà díẹ̀ kí ó tó mú nọ́ńbà yàrá, mo fo ìyẹn kí ọ̀nà lè mọ́lẹ̀.)

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ kó orúkọ tí gbogbo wọn yóò wọ yàrá kan ńkọ́?" Ìbéèrè ńlá ni, wọ́n sì ti ṣe é. Ẹ ṣírò `Aa`, ẹ ṣírò `BB`: 2,112 ni méjèèjì. Ilé ìbáà tóbi tó òkun, wọn yóò pàdé. Bí a bá so irú méjì yìí pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ 16,384 ló máa jáde, tí ìṣirò gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan. Bí wọ́n bá wà lórí ẹ̀wọ̀n kan, tí ẹni tó ń wọlé gbọ́dọ̀ fi ara wé gbogbo àwọn tó ṣáájú, ó di ìfiwéra tó lé ní mílíọ̀nù 134. Ní December 2011, ní Berlin, Alexander Klink àti Julian Wälde fi hàn gbangba pé ìbéèrè kékeré kan tí a fi irú ọ̀rọ̀ báyìí kún lè mú kí sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, máa ṣiṣẹ́ lásán títí.

Ìdáhùn pín sí méjì. Java kò lè yí ìṣirò rẹ̀ padà, torí pé ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà fún gbogbo ayé. Láti Java 8 ni ẹ̀wọ̀n tó bá ti gùn tó 8, nínú ilé tí yàrá rẹ̀ kò dín sí 64, ti ń di igi tí a tò, kí wíwá inú rẹ̀ má baà gùn. Python, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ní tirẹ̀ ń fi nọ́ńbà àṣírí kan po ìṣirò ọ̀rọ̀ nígbàkúùgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kọ `print(hash("Eko"))`, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pa Python kí ẹ sì tún un bẹ̀rẹ̀ láàárín méjèèjì, ẹ ó rí i pé ìdáhùn yàtọ̀.

Ìyá kan tó ń kọ́ èdè Yorùbá ló béèrè èyí tó kẹ́yìn. Ó ní orí fóònù ni òun ti tẹ Ọ̀wọ̀ wọlé pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé. Nígbà tí òun wá a láti orí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kò sí. Mo ní, "Mà, ẹ kò ṣàṣìṣe." Lẹ́tà Ọ̀ kan ṣoṣo yẹn ṣeé kọ ní ọ̀nà mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà: `O` pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, `Ọ` gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan tí àmì òkè tẹ̀ lé, tàbí `Ò` gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan tí àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Lójú wa, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú ìṣirò, nọ́ńbà wọn kò dọ́gba, nítorí náà yàrá wọn yàtọ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣèèṣì pàdé nínú yàrá kan, ìfiwéra ẹnu ọ̀nà yóò sọ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìforígbárí ni kí orúkọ méjì gba yàrá kan; èyí ni orúkọ kan tó ní yàrá mẹ́ta. Kí a sọ ọ́ di ọ̀nà kan ṣoṣo kí ó tó kan ìṣirò, nígbà tí a bá ń fi pamọ́ àti nígbà tí a bá ń wá a:

```
import unicodedata
s = unicodedata.normalize("NFC", s)
```