Kí lẹ máa kọ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń yáwó ta tẹ́tẹ́?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo la fẹ́ sọ lónìí: èyí tí èèyàn máa kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yáwó káàkiri láti fi ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó ń yáwó ní Làgbájá, ká sì pe ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ní Tẹ̀mẹ̀dù. Télọ̀ ni Làgbájá, Òṣogbo ló ti ń ránṣọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi. Àmọ́ owó aṣọ àwọn oníbàárà kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè ló sì fi ń di ihò tó wà níbẹ̀.

Kí Tẹ̀mẹ̀dù tó tẹ lẹ́tà kankan, kí ó kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ òun àti Làgbájá lórí Wáàsáàpù sẹ́yìn, kí ó máa kà á.

[Ojú fóònù hàn]

"Ọmọ ìyá mi, jọ̀ọ́ bá mi wá 5,000. Mọ́ńdè ni mo máa dá a padà."

"Ara ọmọ kò yá. 8,000 péré, dákun."

"Oníbàárà kan ló já mi kulẹ̀. Ṣé mo lè rí 10,000 lọ́wọ́ ẹ?"

Ìdí tó ń sọ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ wo ọjọ́ àti aago tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Sátidé, aago mọ́kànlá àárọ̀. Sátidé mìíràn, ó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù. Túsìdeè, aago méje ààbọ̀ alẹ́. Ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìdíje àkọ́kọ́ ní líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ Sátidé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀ tiwọn, èyí tó jẹ́ aago méjìlá ààbọ̀ tàbí aago kan ààbọ̀ níbí, bí àsìkò bá ṣe rí. Ti ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù, alẹ́ Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè ló sábà máa ń jẹ́, ní aago mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Àìsàn ọmọ kì í wo aago kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù.

Ohun tó jẹ́ kí èyí ṣe pàtàkì ni pé, bí Tẹ̀mẹ̀dù bá kọ ọ́ pé "o ti ń ta tẹ́tẹ́ jù," èsì tó máa gbà kò ju "mi ò ta á mọ́" lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àmọ́ Làgbájá kò lè bá ọjọ́ àti aago tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ jiyàn.

Nǹkan kejì tó yẹ kí Tẹ̀mẹ̀dù lóye kó tó kọ̀wé ni ìṣirò tó wà lọ́kàn Làgbájá. Làgbájá kò rò pé òun ń fi owó ṣòfò. Ó gbà pé tíkẹ́ẹ̀tì ńlá kan ṣoṣo ló máa san gbogbo gbèsè náà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣe é. Ó mú ìdíje mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tó dájú lójú rẹ̀, gbogbo mẹ́wàá ló sì gbọ́dọ̀ wọlé kó tó jẹ. Ọ́ọ̀dù, ìyẹn iye tí wọ́n fi ń sọ owó tí èèyàn fi ta á di púpọ̀, jẹ́ 1.40 lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi 1.40 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29. Náírà 1,000 á di nǹkan bí 29,000. Ó dùn ún gbọ́.

Àmọ́ onítẹ́tẹ́ ti yọ èrè tirẹ̀ sínú ọ́ọ̀dù kó tó gbé e síta. Ká ní náírà 5 ló ń yọ nínú 100 lórí ìdíje kọ̀ọ̀kan. Lórí ìdíje kan, ìyẹn kò jọ nǹkan. Àmọ́ nínú tíkẹ́ẹ̀tì onídìíje mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ló bù ú, ọ̀kan lórí èkejì. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ máa ń wọlé lẹ́ẹ̀kan péré nínú nǹkan bí 48. Ẹni tó bá ta 48 ti ná 48,000 kí ó tó jẹ 29,000 yẹn. Ìyẹn sì ni bí kò bá kan oríire tàbí oríburúkú: ẹlòmíràn á ta 100 tí kò ní jẹ rárá.

Wàyí o, owó èlé ni Làgbájá fi ń ta á. Ká ní ó yá 48,000 náà lórí áàpù ayánilówó, tí èlé rẹ̀ jẹ́ náírà 15 lórí 100 lóṣù. 55,200 ló máa dá padà. 29,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, lóṣù tí tẹ́tẹ́ ṣe dáadáa sí i. Ó kù 26,200. Níbo ló ti fẹ́ rí i? Ibẹ̀ ni Wáàsáàpù Tẹ̀mẹ̀dù ti ń dún.

Ohun tó ń jẹ́ kí ó máa gbà gbọ́ síbẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì tí ìdíje kan ṣoṣo gé. Mẹ́sàn-án wọlé, ẹnì kan jẹ góòlù ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún, ó tán. Làgbájá á fi hàn gbogbo èèyàn, pé "ẹ wò ó, díẹ̀ ló kù." Lójú rẹ̀, ẹ̀rí ni pé òun ti ń mọ̀ ọ́n. Owó onítẹ́tẹ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín tíkẹ́ẹ̀tì tí ìdíje kan gé àti èyí tí mẹ́wàá gé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́:

"O ti sọ ara ẹ di oníjìbìtì. Ojú ń ti ìyàwó ẹ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n dà bíi tìẹ. Èyí tí mo bá tún yá ẹ yìí, òun ló kẹ́yìn."

Ẹ wo gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn. Lẹ́yìn gbogbo èébú, ó tún ṣèlérí owó. Ohun tí Làgbájá máa gbọ́ ni pé owó ń bọ̀, bí òun bá fara da èébú. Ó sì ti mọ̀ ọ́n fara dà.

Èyí tí mo máa kọ nìyí:

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ka ọ̀rọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ìgbà mẹ́jọ lo yáwó lọ́wọ́ mi, ìgbà mẹ́fà nínú rẹ̀ sì bọ́ sí àárọ̀ Sátidé tàbí alẹ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. 61,000 ni gbogbo rẹ̀. Mi ò kọ ọ́ láti gba owó náà. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Láti òní lọ, mi ò ní fi owó ránṣẹ́ sí ẹ mọ́, bó ti wù kí ìdí rẹ̀ tó. Ohun tí mo lè ṣe rèé: màá wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ́jọ́ Sáńdè, ká jókòó, ká kọ gbogbo ẹni tó jẹ́ ẹ lówó àti ẹni tí o jẹ. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó dìgbà yẹn. Ọ̀rẹ́ ni wá ṣì."

Kò gùn. Kò sí ìwàásù nínú rẹ̀, kò sí "àìsàn ló ń ṣe ẹ," nítorí Tẹ̀mẹ̀dù kì í ṣe dókítà. Iye owó wà níbẹ̀, àìgbà wà níbẹ̀ láìfi "bóyá" sí i, ọjọ́ tí wọ́n máa ríra sì wà níbẹ̀. Kí ó fi ránṣẹ́ sí Làgbájá nìkan, kì í ṣe sí gúrúùpù. Kí ó má sì fi ránṣẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, tàbí láàárín wákàtí tí tíkẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ẹni tó ń lé owó tó ti lọ kò ní ka nǹkan kan nígbà yẹn. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ló dára jù.

Èsì á dé. Èyí tó le jù láti kọ̀ ni: "Bá mi fi 10,000 ìkẹyìn kún un, kí n lè san ti áàpù tó ń halẹ̀ mọ́ mi." Àwọn áàpù kan máa ń pe àwọn tó wà nínú fóònù onígbèsè láti dójú tì í. Òótọ́ lè jẹ́ pé ojú ń ti Làgbájá gan-an. Àmọ́ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti fòfin de irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìwé orúkọ àwọn ayánilówó tó fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wò ó bóyá áàpù náà wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fẹjọ́ sùn. Gbèsè náà ṣì wà o. Bí Tẹ̀mẹ̀dù bá fẹ́ san nínú rẹ̀, kí ó san án tààrà fún ẹni tí wọ́n jẹ, kí ó gba rìsíìtì, kí owó má gba ọwọ́ Làgbájá kọjá. Ìyẹn náà sì ní ìpọ́njú tirẹ̀: gbèsè tí wọ́n bá ẹni san tán, ó ń ṣí àyè sílẹ̀ láti yá òmíràn. Nítorí náà, kò gbọ́dọ̀ ṣe é kí Làgbájá tó ti àkáǹtì tẹ́tẹ́ rẹ̀.

Bí èsì bá jẹ́ "ó sàn kí n kú," ẹ fi gbogbo ìṣirò yìí sílẹ̀. Ẹ má rò pé ó ń fi bẹ̀ yín. Ẹ bi í tààrà bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ẹ lọ bá a, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù.

Ká ní ó gbà, wọ́n jókòó lọ́jọ́ Sáńdè. Kí wọ́n ṣí gbogbo áàpù tẹ́tẹ́ tó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bí èèyàn bá ti ọ̀kan, kò kan èkejì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí èèyàn ti lè de ara rẹ̀ fún oṣù mélòó kan tàbí títí láé, ó máa ń wà lábẹ́ ètò àkáǹtì. Pípa áàpù rẹ́ lórí fóònù kò tó, àkáǹtì ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ gbèsè sílẹ̀: ẹni tí wọ́n jẹ, iye, èlé, ọjọ́ tó yẹ kí ó san. Kí owó àwọn oníbàárà tó ń ránṣọ fún máa wọ àkáǹtì ìyàwó tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń yún un lẹ́yìn gbogbo èyí, bárakú lè ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Árò, l'Ábẹ́òkúta, àti ti Yábàá, l'Ékòó, ń gba irú àwọn bẹ́ẹ̀. Kí Tẹ̀mẹ̀dù bá a lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ó sì mú ìwé tí wọ́n kọ gbèsè sí dání, nítorí dókítà á béèrè iye tó ti lọ.