Lẹ́tà “n” kan ṣoṣo, iṣẹ́ mẹ́ta: bá a ṣe ń fi àmì fonẹ́tíìkì kọ ohun tẹ́nu sọ

Ẹ káàbọ̀ o. Ohun tí mo bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fonẹ́tíìkì sọ ní Yábàá lọ́jọ́ Sátidé nìyí, mo tún un tò fún kíkà torí àwọn kan ní ariwo dánfó tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ò jẹ́ káwọn gbọ́ apá tó gbẹ̀yìn dáadáa.

Ohun tá a kọ́kọ́ mú ni àkámọ́ onígun yìí, [ ]. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ mọ̀ pé ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe sípẹ́lì, ohùn ni. Àwọn tísà èdè ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tó ṣètò àwọn àmì yìí ní Pàrísì lọ́dún 1886, ohun tí wọ́n sì fẹ́ ni pé kí àmì kan máa dúró fún ìró kan ní gbogbo èdè ayé, ìyẹn ni ò ṣe lè bá sípẹ́lì èdè kankan mu tán, títí kan tiwa.

Mo kọ [ajé] sójú bọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n kà á. Gbogbo ilé pariwo “ajé!”, owó ni gbogbo wọn rí. Ṣùgbọ́n “ayé” ni mo kọ. Nínú àkámọ́ yẹn, [j] ni ìró tí àwa ń fi lẹ́tà y kọ, ajé tó jẹ́ owó, [ad͡ʒé] ni wọ́n máa kọ ọ́. Lẹ́tà p náà ń tan èèyàn bẹ́ẹ̀, torí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n la jọ ń fi pè é lẹ́ẹ̀kan náà, [k͡p] ni, kódà pépà tá a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, [k͡pék͡pà] lẹnu wa sọ ọ́ dà. Ìlà kékeré tó wà lórí k àti p yẹn ló ń sọ pé ìró kan ni, kì í ṣe méjì. Nípa àwọn tó kù, ẹ kàn há wọn sórí: ṣ ni [ʃ], ẹ ni [ɛ], ọ ni [ɔ], r ni [ɾ], wọn ò ní wàhálà.

Lẹ́tà tó ní wàhálà gan-an ni n, òun ni mo sì fẹ́ ká jókòó tì. Ẹ wo gbólóhùn yìí: Ọkùnrin náà ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la kọ n níbẹ̀. Tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bá fẹ́ kọ ọ́, ohun tí mo máa ń rí nínú ìwé wọn ni [ɔkùnɾin náà ń bɔ̀], sípẹ́lì ni wọ́n dà kọ, wọ́n kàn pa lẹ́tà bíi mélòó kan dà.

Mo ní ká fi àtẹ́wọ́ wò ó, sílébù kan, pàtẹ́wọ́ kan. Ọ, kùn, rin, ná, à, ń, bọ̀. Méje. Màmá kan tó ń ránṣọ níwájú ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n ní, “Tísà, n tó wà nínú ọkùnrin ò gba àtẹ́wọ́ kankan, ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú bọ̀ gba tiẹ̀.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ibẹ̀ gan-an la ti máa dá wọn mọ̀.”

Èyí tí ò gba àtẹ́wọ́ nínú kùn àti rin, kì í ṣe ìró fúnra ẹ̀ rárá. Ahọ́n yín ò kan òkè ẹnu láti pe n kankan níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kí fáwẹ̀lì tó wà níwájú ẹ̀ gba imú jáde. Ẹ fi ìka méjì dí imú, kẹ́ ẹ pe “kú”, ohùn ò ní yàtọ̀, kẹ́ ẹ wá pe “kún”, ẹ máa gbọ́ pé ohùn há, ẹ̀gbẹ́ imú á sì máa gbọ̀n lábẹ́ ìka yín. Fáwẹ̀lì àránmúpè nìyẹn, àmì tó ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ejò lórí fáwẹ̀lì la fi ń kọ ọ́, n náà á sì kúrò: [ɔkũ̀ɾĩ]. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí kùn ṣì wà níbẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ejò gbé e mì.

Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ “náà” ni n gidi, kọ́ńsónáǹtì. Ṣùgbọ́n ẹ tún dí imú, ẹ pe “náà”, ẹ máa rí i pé fáwẹ̀lì náà há. Lẹ́yìn m àti n, fáwẹ̀lì máa ń gba imú bá a ò tiẹ̀ kọ n sí i lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí “ọmọ” fi jẹ́ [ɔmɔ̃], tí “náà” sì jẹ́ [nã́ã̀]. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù máàkì, torí ojú ò rí n kankan tó máa rán wọn létí.

Mo fẹ́ràn apá yìí gan-an, torí ó ń ṣàlàyé ohun kan tá a ń sọ lójoojúmọ́ tá ò mọ ìdí ẹ̀. Kí ló dé tá a fi ń sọ “nílé” ṣùgbọ́n “lọ́jà”, nígbà tó jẹ́ “ní” kan náà ló wà níbẹ̀? Nínú nílé, i wà lẹ́yìn n, ó ń gba imú, n sì jókòó jẹ́ẹ́. Nínú lọ́jà, ọ ti lé i lọ, ọ yẹn ò gba imú, n ò sì lè bá a gbé, ó di l: [lɔ́d͡ʒà]. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé n àti fáwẹ̀lì àránmúpè jọ ń rìn ni, kò sóhun tẹ́ ẹ ń há sórí mọ́.

Ó wá ku ń, èyí tó gba àtẹ́wọ́ tiẹ̀, tó gbé ohùn tiẹ̀ sórí. Sílébù ni fúnra ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù, kí wọ́n sọ “ń bọ̀”, kí wọ́n dúró gbọn-in kí b tó jáde. Ètè gbogbo wọn pa dé! M ni wọ́n ń pè, [ḿbɔ̀]. Ẹ ṣe é pẹ̀lú “ń kọ́”, ètè á ṣí sílẹ̀, ẹ̀yìn ahọ́n ló dìde, [ŋ́kɔ́] nìyẹn. “Ń lọ” ni ahọ́n ti ń kan ẹ̀yìn eyín òkè, [ńlɔ]. Ní “ń gbọ́”, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ pa dé ni, [ŋ͡ḿɡ͡bɔ́]. Ẹnu ti lọ dúró síbi tí kọ́ńsónáǹtì tó ń bọ̀ máa wà, imú nìkan ló ṣì ṣí. Torí náà ẹ má kọ ń kẹ́ ẹ tó wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Gbólóhùn wa wá di [ɔkũ̀ɾĩ nã́ã̀ ḿbɔ̀]. Nínú n mẹ́rin, ẹyọ kan péré ló ṣì jẹ́ n. Àtẹ́wọ́ méje ṣì pé, ẹ kà á wò, tí iye ẹ̀ bá dín, ẹ ti pa sílébù kan jẹ.

Àwọn kan ní kí n mú “ìtàn”, mo ní kí wọ́n gbọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹnu ló ń pè é ní [ìtɔ̃̀], fáwẹ̀lì ìbọn gan-an ló wà níbẹ̀ bá a tiẹ̀ kọ a, àwọn míì sì ń pè é ní [ìtã̀]. Èyí tẹ́ ẹ bá gbọ́ ni kẹ́ ẹ kọ.

Ibi tá a dé nìyẹn tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan fi pariwo nísàlẹ̀, “Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!” Mo ní kí gbogbo wọn kọ ọ́. Àwọn mẹ́ta ló kọ́kọ́ gbà á: p di [k͡p], ṣéńjì gba àtẹ́wọ́ mẹ́ta, ń àárín ẹ̀ sún síbi tí [d͡ʒ] wà, n tó parí “yín” sì di ejò.

[ɛ wɔlé k͡pɛ̀lú ʃéɲ́d͡ʒì jĩ́ o]